Bí wọ́n tilẹ̀ ń ka èlé lórí èlé ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ogún kò lè di ọgọ́ta láàárín ọdún kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò ní Tákíè, tí mo sì máa ń gbọ́ bákan náà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n gbà pé bí ayánilówó bá ń ka èlé lórí èlé léraléra, tí ó gé ọdún sí oṣù, tí ó gé oṣù sí ọjọ́, tí ó tún gé ọjọ́ sí wákàtí àti ìṣẹ́jú, gbèsè náà yóò ga dé ibi tí kò ní òpin kí ọdún kan ṣoṣo tó pé. Ìdí tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí a bá ṣe ń gé e sí wẹ́wẹ́ tó ni owó náà ń pọ̀ tó, ohun tí kò bá sì dẹ́kun pípọ̀ kò lè ní ibi tí yóò mọ. Òtítọ́ ni apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Apá kejì ni kò tọ̀nà, ẹni tó bá sì mọ ìdá dáadáa lè tẹ̀ lé ẹ̀rí tó fi hàn pé kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú sọgúndogójì tí gbogbo wa mọ̀. Ẹnì kan yá 10,000 náírà, àdéhùn sì ni pé yóò san 20,000 náírà ní ìparí ọdún. Bí ayánilówó bá ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun fẹ́ ka èlé láàárín ọdún, ìdajì yóò gorí owó ní oṣù kẹfà, gbèsè yóò di 15,000, nígbà tí ọdún bá sì parí, ìdajì 15,000 yóò tún gorí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 22,500. Bí ó bá kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò di nǹkan bí 24,414. Bí ó bá ń kà á lóṣooṣù, yóò di 26,130. Bí ó bá ń kà á lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 365, yóò di 27,146. Ẹ kíyè sí i pé láti oṣù dé ọjọ́, iye ìgbà tí a ka èlé ti fi ìlọ́po ọgbọ̀n lọ sókè, síbẹ̀ ohun tó kún owó náà kò ju nǹkan bí 1,016 náírà lọ. Bí n bá jẹ́ iye ìgbà tí a ka èlé, ìlọ́po tí owó náà dà ni

a_n = (1 + 1/n)^n.

Lórí ọ̀rọ̀ owó èlé gan-an ni Jacob Bernoulli, ọmọ ìlú Basel ní Súwísáláǹdì, ti béèrè ìbéèrè yìí ní ọdún 1683, ó sì rí i pé ibi tí ó ń lọ wà láàárín 2 àti 3. Leonhard Euler ni ó wá sọ nọ́ńbà náà ní e lẹ́yìn náà.

Kí a tó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí a_n, a ní láti tú u palẹ̀, òfin bàìnómíà, tó ń sọ ègé tí a ó rí bí a bá fi àkámọ́ bíi (1 + 1/n) pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní ìgbà n, sì ni a ó fi tú u. Bí n bá jẹ́ 3, ohun tí òfin náà fún wa ni 1 + 1 + 1/3 + 1/27. Bí n bá jẹ́ 4, ó fún wa ní 1 + 1 + 3/8 + 1/16 + 1/256. Ẹ fi èkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹ sì wò wọ́n ní ègé kọ̀ọ̀kan. Ègé méjì àkọ́kọ́ kò yí padà. Ègé kẹta kúrò ní 1/3, ó di 3/8, èyí tó tóbi jù ú lọ. Ègé kẹrin kúrò ní 1/27, ó di 1/16, òun náà sì tóbi sí i. Lẹ́yìn èyí ni ègé tuntun kan tún wá kún un, ìyẹn 1/256. Kò sí ègé kan tó dín kù.

Kì í ṣe 3 àti 4 nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu. Ẹ wo ègé kẹrin, èyí tí ó ní 1/n nígbà mẹ́ta nínú. Òfin bàìnómíà sọ pé ó jẹ́ n(n−1)(n−2) lókè, àti 6 ní ìlọ́po n × n × n nísàlẹ̀. Bí a bá pín n mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tó wà lókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí a ó rí ni

1/6 · (1 − 1/n)(1 − 2/n).

Ọ̀nà kan náà ni a ó gbà rí i pé ègé tí ó ní 1/n nígbà k jẹ́

1/k! · (1 − 1/n)(1 − 2/n) … (1 − (k−1)/n),

níbi tí k! ti jẹ́ 1 × 2 × 3 títí dé k. Nísinsìnyí, bí n bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, 1/n yóò kéré sí i, 2/n yóò kéré sí i, gbogbo ohun tí a ń yọ kúrò nínú 1 nínú àwọn àkámọ́ wọ̀nyí yóò sì dín kù, nítorí náà àkámọ́ kọ̀ọ̀kan yóò tóbi sí i. 1/k! kò sí lára ohun tó ń yí padà. Ègé kọ̀ọ̀kan láti orí ìkẹta lọ ti tóbi sí i nìyẹn, ègé tuntun kan tí kì í ṣe òdo sì tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà a_n ń lọ sókè nígbà gbogbo, kì í padà sẹ́yìn, kì í sì í dúró lójú kan. Ohun tí àwọn oníṣòwò wa rí nìyí, wọ́n sì rí i dáadáa.

Ẹ̀rí kan náà ló sì tún fi òrùlé lé e lórí. Gbogbo àkámọ́ wọ̀nyẹn kéré sí 1, nítorí náà kò sí bí ègé náà ṣe lè ju 1/k! lọ, bí n ti wù kó tóbi tó. Nínú k!, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti orí 2 lọ kò kéré sí 2, nítorí náà k! kò kéré sí 2 tí a fi ara rẹ̀ pọ̀ ní ìgbà k−1. Èyí túmọ̀ sí pé

a_n ≤ 1 + 1 + 1/2 + 1/6 + … + 1/n! ≤ 1 + (1 + 1/2 + 1/4 + … + 1/2^(n−1)).

Ohun tó wà nínú àkámọ́ tó kẹ́yìn yìí, ìdajì-ìdajì ni ó ń fi kún ara rẹ̀: 1, lẹ́yìn náà 1½, lẹ́yìn náà 1¾. Nígbàkígbà, ohun tó kù kí ó tó pé 2 ni ó ń fi ìdajì rẹ̀ kún un, nítorí náà kò lè dé 2 láé. Nígbà tí a bá fi 1 tó wà níwájú kún un, a rí i pé a_n kò lè dé 3 láé. Ìyẹn ni pé 10,000 náírà kò lè di 30,000 láàárín ọdún yẹn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ka èlé rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí òrùlé yìí, nítorí àwọn kan máa ń rò pé kò pọn dandan. Wọ́n á ní, nígbà tí ohun tó ń kún un ti ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà, ó ti hàn pé yóò dúró síbì kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 1 + 1/2 + 1/3 + 1/4 + 1/5 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń kún un ń kéré sí i láìdúró, síbẹ̀ 1/3 àti 1/4 papọ̀ ju ìdajì lọ, mẹ́rin tó tẹ̀ lé wọn papọ̀ ju ìdajì lọ, mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ìyẹn náà ju ìdajì lọ, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi kọjá iyekíye tí a bá dárúkọ. Kíkéré ohun tó ń kún un kò tó ẹ̀rí. Òrùlé ni ẹ̀rí.

Nígbà tí a ti ní méjèèjì, ìyẹn pé a_n ń lọ sókè nígbà gbogbo àti pé ó ní òrùlé, ìyókù kò ṣòro. Nínú gbogbo òrùlé tí a lè fi lé a_n lórí, àwọn nọ́ńbà gidi fi dá wa lójú pé ọ̀kan wà tó rẹlẹ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní e. Bí a bá fi ìwọ̀n kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ e, bó ti wù kó kéré tó, ibi tí a dé kì í ṣe òrùlé mọ́, nítorí náà a_n kan ti ní láti ga jù ú lọ. Nígbà tí a_n kì í sì í padà sẹ́yìn, gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e yóò wà láàárín ibẹ̀ àti e títí láé. Ohun tí a ń pè ní pé ó ní ibi tó ń lọ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rí yìí ní ààlà tirẹ̀. Ọdún kan ni ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí gbèsè náà bá wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí a sì ń ka èlé lójoojúmọ́, ìlọ́po ọdún kọ̀ọ̀kan ń gorí ara wọn ni, 10,000 náírà yóò sì di 200,000 ó lé díẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò gba 80,000. Bí ọdún bá ṣe ń pọ̀, gbèsè ń lọ láìlópin lóòótọ́. Ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ láìsan ni ó ń ṣe èyí, kì í ṣe gígé tí a gé ọdún sí wẹ́wẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí tiwọn tún yàtọ̀: wọ́n ní 1 + 1/n ń di 1, 1 tí a fi ara rẹ̀ pọ̀ nígbàkígbà kò yé jẹ́ 1, nítorí náà 1 ni ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà sì máa ń bá wọn gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ èyí sínú Python:

```
for k in (15, 16):
    n = 10**k
    print((1 + 1/n)**n)
```

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde jẹ́ nǹkan bí 3.035, èkejì á sì jẹ́ 1.0. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, ẹ̀rí wa sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó wádìí ohunkóhun: èkíní kọjá òrùlé 3, èkejì sì kéré sí a_1, tí í ṣe 2, bẹ́ẹ̀ a_n kì í padà sẹ́yìn. Ohun tó fà á ni pé nǹkan bí dígíìtì mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀rọ náà lè rántí nínú nọ́ńbà kan, nítorí náà ó ti yí 1/n padà díẹ̀ nígbà tí ó ń fi í kún 1, kí ìsọdipúpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí n sì di 10^16, ó gbé e sọnù pátápátá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye e, kí ó padà sí àwọn ègé wa. Bí n ṣe ń tóbi, àkámọ́ kọ̀ọ̀kan ń sún mọ́ 1, ègé kọ̀ọ̀kan sì ń sún mọ́ 1/k! rẹ̀, nígbà tí a_n kò sì lè ju àpapọ̀ àwọn 1/k! lọ, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Àpapọ̀ 1 + 1 + 1/2 + 1/6 títí dé 1/9! jẹ́ 2.7182815, nígbà tí e fúnra rẹ̀ jẹ́ 2.7182818 àti díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìparí ọdún kì yóò bá 10,000 náírà wa ní 27,183.