Àwa Tí A Kò Yí Aago Ni A Ń Tọrọ Àforíjì

Mo ti tọrọ àforíjì nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀, inú sì ń bí mi débi pé mo ní láti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó lè padà sídìí aró. Aago tí mo fi kọ́ ara ògiri ìsọ̀ mi ní Òṣogbo níbí kò sún síwájú, kò sì fà sẹ́yìn láti ọjọ́ tí mo ti rà á, àfi ìgbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú. Àwọn tó wà lókè òkun ni wọ́n yí aago tiwọn padà lóru, tí wọ́n sì sùn lọ. Síbẹ̀ èmi ni mo ń kọ “ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú”.

Oníbàárà mi kan, ìyá àgbà kan tí a bí sí Òṣogbo ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí n bá òun ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ìgbéyàwó ọmọ òun obìnrin, ọmọ náà sì ń ṣiṣẹ́ ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń gbé jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀, iye ìgbà tí a bá sì rì í ni yóò sọ bí yóò ṣe dúdú tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya sí i lára kò lè máa fara da omi títí láé; bí a bá ṣe ń tún aṣọ rì ni ẹ̀kọ ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá yìí fi ní láti rí aṣọ rẹ̀ nínú oòrùn lórí fídíò Wáàsáàpù lẹ́yìn rírì kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ bóyá ó tó tàbí kí n tún un rì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ojú oòrùn gidi máa ń wà ní àgbàlá mi ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé bí aago márùn-ún bá ti fẹ́ lù, òjìji ilé alájà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ti bò ó, gbogbo ohun tí kámẹ́rà fóònù bá sì rí lábẹ́ òjìji yẹn, dúdú ni yóò pè é. Aago mẹ́rin ni a fẹnu kò sí, gbogbo ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé mẹ́ta tó ṣáájú nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 lọ ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé nígbà ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó béèrè pé aago mẹ́rin ta ni. Ìyá tilẹ̀ kọ “4pm GMT” sínú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ o, GMT tí Lọ́ńdọ̀nù ń lò nígbà òtútù kọ́ ni wọ́n ń lò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́! Aago ìgbà ooru ni wọ́n wà, èyí tó fi wákàtí kan ṣáájú GMT. Tí mo bá tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́ta yẹn bó ṣe rí gan-an, aago márùn-ún ni ǹ bá máa dúró dè wọ́n. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí, mo sì gbé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àṣìṣe mi nìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé mo ní ọ̀kan.

Ní òru ọjọ́ Àìkú, 26 Ọ̀wàrà, nígbà tí aago méjì lù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a padà sí aago kan. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Òṣogbo ti fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ kejì, mo na aṣọ sórí okùn ní aago mẹ́rin, mo di fóònù mú, mo ń wo òjìji bó ṣe ń rákò bọ̀ láti ìdí ògiri. Aago mẹ́rin àbọ̀ kọjá. Nígbà tí òjìji dé etí aṣọ, mo ṣan ọwọ́, mo ká aṣọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà. Orí ọ̀kadà ni mo wà nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ní aago márùn-ún géérégé, n kò sì gbọ́. Mo délé bá ìpè mẹ́rin àti ọ̀rọ̀ kan: “A ti jọ ní àdéhùn, ṣe bí ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe.” Mo tọrọ àforíjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: “4pm GMT” tí wọ́n ti kọ ní àṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di òótọ́ lọ́jọ́ náà.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a sún ìpè náà sí ni ó kọ́kọ́ mú mi sọ fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. Èmi ti ṣèwádìí, mo ti mọ̀ pé aago mẹ́rin tiwọn jẹ́ aago márùn-ún tiwa, nítorí náà mo múra fún aago márùn-ún. Nítorí òjìji, mo gbé aṣọ tó ṣì ń kán aró lọ sí etí títì níbi tí oòrùn ṣì wà, àwọn ọmọ iléèwé dúró yí mi ká, wọ́n ń bi mí bóyá mo fẹ́ tà á. Kò sí ẹni tó pè. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìyá náà ti ṣèwádìí! Wọ́n ti rí i pé aago àwọn fà sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ ṣe mí lóore, wọ́n pè ní aago mẹ́ta tiwọn, tó jẹ́ aago mẹ́rin tiwa, nígbà tí fóònù mi ń gba iná lọ́wọ́ ní ìsọ̀ aládùúgbò. Ẹni méjì tún ohun kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà láì sọ fún ara wọn, ó sì padà bàjẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àforíjì kejì.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó fi ẹnu bá ara wa sọ ọ́: aago mẹ́rin Òṣogbo, aago mẹ́ta Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ Ajé, 3 Bélú. Ìyàwó ojú ọ̀nà béèrè pé ti òun ńkọ́, a ní kò sí ìyàtọ̀, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ sì ni, lọ́jọ́ tí a sọ ọ́. Amẹ́ríkà kì í yí aago lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 2007, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn, ti Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Ọ̀wàrà. Ọ̀sẹ̀ kan tó wà láàárín yẹn ni ó dà bí ihò tí a fi ewé bò. Ní 2 Bélú, aago Nìú Yọ́ọ̀kì náà fà sẹ́yìn, wákàtí márùn-ún tó wà láàárín wa di mẹ́fà, aago mẹ́rin tiwa sì di aago mẹ́wàá tiwọn. Ọmọ náà gba àyè kúrò nídìí iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá, ó pè, òjìji ti bo àgbàlá, ìyá rẹ̀ sì ti ní òun kò lè dá sọ pé aṣọ tó nígbà tí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ kò sí níbẹ̀. Àforíjì kẹta, lọ́dọ̀ ọmọ tí mo lè bí.

Mo mọ̀ pé wọ́n ní ìdí. Ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù máa ń ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ nínú oṣù Okúdù, kì í sì í pé wákàtí mẹ́jọ ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ. Jámánì ló kọ́kọ́ sọ yíyí aago di òfin ìlú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1916, Bìrìtìkó sì tẹ̀ lé e lóṣù kejì. Níbí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù lọ àti èyí tó kúrú jù lọ kò pé wákàtí kan. Kí ni a fẹ́ yí aago fún? Ẹni tó ní ìdí láti yí tirẹ̀ ló yẹ kó máa sọ fún ẹni tí kò yí i.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ kọ lẹ́yìn ti ọjọ́ Ajé yẹn kò ṣeé kà létí àgbà. Mo pa á rẹ́. Èyí ni mo fi ránṣẹ́, mo sì lo wákàtí kan gbáko lórí rẹ̀:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí bí ìpè wa ṣe ń bọ́ sí ara wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aago Lọ́ńdọ̀nù fà sẹ́yìn ní 26 Ọ̀wàrà, ti Nìú Yọ́ọ̀kì fà sẹ́yìn ní 2 Bélú, tiwa níbí kò kúrò lójú kan. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí á sún ìpè náà sí ọjọ́ Ajé, 10 Bélú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Òṣogbo. Ìyẹn ni aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, àti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó wa. Mo ti ṣírò rẹ̀ tán mà, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tún fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀. Mo fi sórí kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú. Bí àkókò náà kò bá rọrùn, ẹ bá mi kọ èyí tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú aago ọ̀dọ̀ yín àti ti Òṣogbo.”

Gbólóhùn tó ní kí a má fi kún un, kí a má sì yọ nínú rẹ̀, òun ni mo rò pé ó gbà wá là ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ti kàlẹ́ńdà náà ṣe é, nítorí pé aago mẹ́rin tí a kọ sínú Wáàsáàpù, ọ̀rọ̀ lásán ni, kò mọ ìlú tó ti wá. Èyí tí a fi sórí kàlẹ́ńdà ń bá ìlú rẹ̀ rìn, ó sì ń yí ara rẹ̀ padà sí aago ẹni tó bá ṣí i. Òṣogbo kò sí nínú àkójọ ìlú tí fóònù ní kí n yàn, “Lagos” ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn náà dùn mí, ṣùgbọ́n aago kan náà ni.

Ní 10 Bélú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọ̀rọ̀ kàn pé lójú fóònù kí oòrùn tó kúrò lára aṣọ. Ìyàwó ní kí n tún un rì lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá ní ó ti tó, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lójú mi títí òjìji fi dé, ìyàwó ló sì borí. Ìyá wá ní òun yóò san owó tó ṣẹ́kù ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, “Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀wọ́, aago mẹ́wàá ti ibo ni?”