Ẹ má ka ìwé sí kámẹ́rà nígbà tí ọwọ́ yín ń ṣiṣẹ́

Èrò ọkàn mi rèé lórí àríyànjiyàn pé ṣé ká kọ gbogbo ọ̀rọ̀ fídíò sílẹ̀ ni, àbí ká kàn to kókó rẹ̀ sórí ìwé. Ohùn tí ẹ fẹ́ fi bo àwòrán, ẹ kọ ọ́ tán pátápátá. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́ níwájú kámẹ́rà, kókó ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ mú dání.

Ẹ jẹ́ ká fi fídíò ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí bí a ṣe ń lẹ túùbù kẹ̀kẹ́ tó jò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ máa ka “mò ń fi sáńpépà ha ojú ibi tó jò” nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá gúlù kiri. Ohùn ń lọ, ọwọ́ ń lọ, wọn ò pàdé. Ojú rẹ̀ náà á máa sá lọ sí ìwé, ẹni tó ń wò ó á sì máa bá a wo ibẹ̀ dípò túùbù.

Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ kì í ṣe kókó, àkọlé lásán ni. Wọ́n á kọ “Gúlù”, ó tán. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, wọ́n á tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á wá fi “bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti rí i” dì í. Kókó tó wúlò gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, iye rẹ̀, àti gbólóhùn tó máa parí rẹ̀. Fún gúlù: kó fẹ̀ ju rọ́bà tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, “tó bá ṣì ń dán, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́.” Gbólóhùn ìparí yẹn nìkan ni kí ẹ kọ́ sórí. Òun ló ń jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ẹ tó bọ́ sí kókó tó kàn, kí ẹni tó máa gé fídíò náà lè rí ibi fi ọ̀bẹ sí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tí gúlù fi ń gbẹ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa jókòó wò ó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí a kọ tán ti wúlò. Ká ní àwòrán gúlù tó ń gbẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹ kọ ìdí tí a fi ń dúró: tí gúlù bá ṣì tutù, rọ́bà á máa yọ̀ kiri, etí rẹ̀ á sì ṣí. Ẹ kà á sókè, kí ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Tó bá gba 15, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ má sáré kà á, torí etí máa ń gbọ́ ìkánjú. Bí ẹ bá fi kókó sọ ọ́ láìkọ, ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó bá àwòrán mu. (Ẹ fi àmì ohùn sí i o! “Igba” tí kò ní àmì lè jẹ́ igbá, ìgbà tàbí igba, ahọ́n á sì kọsẹ̀ níbẹ̀.)

Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, níbi tí ojú yín ti ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, ló ń fa ìjà jù. Tèmi ni pé kí ẹ kọ gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, kí ẹ kọ́ wọn sórí, kí ẹ sì fi kókó sọ ìyókù. Bí ẹ bá ní láti ka ọ̀rọ̀ tó ń yí lójú kámẹ́rà, ẹ má jókòó tì í. Ní ìwọ̀n ìdajì mítà, gbogbo ènìyàn ló ń rí i bí ẹyinjú yín ṣe ń rìn láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ sún un sẹ́yìn tó mítà méjì, ẹ fa àwòrán súnmọ́ra, kí ẹ sì dín ìlà ọ̀rọ̀ kù sí nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ní ìyà tirẹ̀, ìgbà tí ẹ bá ń gé fídíò lẹ sì máa jẹ ẹ́. Ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ lè gùn tó ìlọ́po mẹ́ta fídíò tó máa jáde, ibi tí ẹ bá sì ti gé ọ̀rọ̀, orí yín á fò lójijì láti ibì kan sí ibòmíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, ẹ tún ya ọwọ́ yín nìkan, níbi tó ti ń ha túùbù, tó ń fi gúlù sí i, tó ń tẹ rọ́bà mọ́ ọn. Àwòrán ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ti tó láti fi bo ojú ibi tí ẹ gé.