Irọ́ ni pé inú òkìtì ńlá ni ká ti máa mú

Ní Kétu níbí, bí wọ́n bá ti to ekùrọ́ sílẹ̀ ní òkìtì mẹ́ta, ẹnì kan lára àwọn tó dúró ń wò ò ní ṣàì pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, inú ńlá ni kẹ́ ẹ ti mú!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi alùpùpù gbéèyàn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ti rí ẹni tó fi í pàdánù sódábì. Wọ́n gbà pé òkìtì tó tóbi jù ni agbára wà, pé ẹni tó bá tètè fọ́ ọ ló ni eré. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé inú òkìtì tó kéré jù nìkan ni ọ̀nà àbáyọ wà.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: èèyàn méjì ló ń ta á. Bó bá kan ẹnì kan, yóò yan òkìtì kan ṣoṣo, yóò sì mú iye tó bá wù ú nínú rẹ̀, bó jẹ́ ẹyọ kan tàbí gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkìtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kó èyí tó kẹ́yìn nílẹ̀ ló pa èkejì. Nímù ni orúkọ tí Charles Bouton, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì Harvard, fún un ní 1901, nígbà tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí oríire kankan nínú rẹ̀: bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti bọ́ sí ipò tó dáa, kò sí ohun tí ẹnì kejì lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká to 3, 4 àti 5 sílẹ̀, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ mú, kí ọ̀ta jókòó síwájú yín. Ẹ gba ìmọ̀ràn àwọn òǹwòran, ẹ kọjú sí 5. Bí ẹ bá kó 5 náà tán, 3 àti 4 ló kù. Ọ̀ta á mú ẹyọ kan nínú 4, ó di 3 àti 3, láti ibẹ̀ lọ ohun tí ẹ bá ṣe lápá kan ni yóò máa ṣe lápá kejì títí yóò fi kó èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan péré, ó ku 3, 4, 4. Á kó 3 kúrò, ọ̀rọ̀ tún di ẹ-ṣe-mo-ṣe. Ẹ mú méjì, ó ku 3, 4, 3. Á kó 4. Ẹ mú mẹ́ta, ó ku 3, 4, 2; á mú mẹ́ta nínú 4, ó di 3, 1, 2. Ẹ mú mẹ́rin, ó ku 3, 4, 1; á mú méjì nínú 4, ó di 3, 2, 1. Ẹni tí wọ́n bá gbé 1, 2, 3 ka iwájú rẹ̀ ti kú, torí ibi yòówù kó mú, ẹnì kejì á rí ọ̀nà sọ ọ́ di òkìtì méjì tó dọ́gba. Ọ̀nà márààrún tí ẹ lè gbà mú nínú 5 nìyẹn. Márààrún ló pa yín.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ mú méjì nínú 3, kó ku 1, 4, 5. Kò sí òmíràn.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀? Ẹ fojú inú tú òkìtì kọ̀ọ̀kan sí ìdì. Ìdì tó wà ni ẹyọ kan, oníméjì, onímẹ́rin, onímẹ́jọ, onímẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú èyí tó tóbi jù tí òkìtì náà lè gbà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí irú ìdì kan náà má sì wà lẹ́ẹ̀mejì nínú òkìtì kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á pín 6 sí oníméjì mẹ́ta. Onímẹ́rin kan àti oníméjì kan ni 6.

```
3 = 2 + 1
4 = 4
5 = 4 + 1
```

Ẹ wá wo irú ìdì kọ̀ọ̀kan káàkiri ilẹ̀, bóyá wọ́n rí ara wọn so ní méjì-méjì. Onímẹ́rin méjì wà, ẹyọ méjì wà, ṣùgbọ́n oníméjì kan ṣoṣo ló wà, inú 3 ló sì wà. Òun ni kò ní ìkejì, òun lẹ sì máa mú kúrò. Òkìtì 5 ò lè ràn yín lọ́wọ́ nítorí kò ní oníméjì nínú. Kí ẹ tó lè fún ti 3 ní ìkejì láti ibẹ̀, ẹ máa ní láti fọ́ onímẹ́rin, onímẹ́rin tó wà nínú 4 á sì wá dá wà.

Bí gbogbo ìdì bá ti ní ìkejì, tó sì kan ẹnì kejì, kò sí bó ṣe máa mú tí kò ní ba nǹkan jẹ́: òkìtì kan ṣoṣo ló fọwọ́ kàn, ìdì inú rẹ̀ ti yí padà, àwọn òkìtì tó kù ò sì yí. Ẹ̀yin á tún un ṣe, òun á tún bà á jẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nígbà míì ju irú ìdì kan lọ ni kì í ní ìkejì. Ẹ gbé 6, 9 àti 12 yẹ̀ wò:

```
 6 = 4 + 2
 9 = 8 + 1
12 = 8 + 4
```

Onímẹ́jọ méjì, onímẹ́rin méjì, oníméjì kan, ẹyọ kan. Méjì ló dá wà. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tó dá wà ló ń yan òkìtì fún yín, ìyẹn oníméjì inú 6. Ẹ tú u. Ẹ mú ẹyọ kan lọ, ẹ fi ẹyọ kan tó kù sílẹ̀ kó lè bá ẹyọ inú 9 mu. Ó di 5, 9, 12, gbogbo rẹ̀ sì ti so. Ekùrọ́ 27 ló wà nílẹ̀, ẹyọ kan péré lẹ mú, inú òkìtì tó kéré jù lẹ sì ti mú un. Ẹ wo ojú àwọn òǹwòran.

Kí ló dé tí irọ́ yẹn ò tíì kú? Torí pé ó ń bọ́ sí i nígbà míì. Nínú 3, 5, 7, ẹyọ mẹ́ta ló wà, ọ̀kan nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, ìdì tó kù sì ti so. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan nínú 7 á borí, á sì máa fi òkìtì ńlá yangàn. Kò mọ̀ pé bó bá mú ẹyọ kan nínú 3 tàbí 5, bákan náà ló máa rí. Àwọn míì ní àròpọ̀ ilẹ̀ ni kéèyàn máa fi sílẹ̀ ní iye tó ṣeé pín sí méjì. Ìyẹn sàn díẹ̀, torí ipò tó dáa máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò burúkú pọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: 3, 4, 3 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 10, ó sì pa yín.

Bó bá kàn yín tí gbogbo ìdì sì ti so, kò sí òkìtì tó sàn ju òmíràn. Ẹ mú ẹyọ kan kí ilẹ̀ má tètè tán, bóyá ẹni yẹn á ṣìṣe.

Àwọn kan máa ń ta á sódì, tó jẹ́ pé ẹni tó kó èyí tó kẹ́yìn ló kú. Ìṣirò kan náà ni títí á fi ku òkìtì kan ṣoṣo tó ju ẹyọ kan lọ. Nígbà náà, ẹ fi òkìtì ẹlẹ́yọ kan sílẹ̀ ní iye tí kò ṣeé pín sí méjì. Bó bá jẹ́ 1, 1, 4 ló wà níwájú yín, ẹ má kó 4 tán; mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú, kó ku 1, 1, 1.