Òkété tó ti kú kì í mu ọmú

Ohùn kan tí wọ́n fi sórí Wasáàpù ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n sùn. Àgbà kan nínú wa ló ń ka owó ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi: mílíọ̀nù 6 náírà, màlúù méjì, àgọ́, aṣọ ẹbí, onílù. Ọmọ 11 ni olóògbé bí. Wọ́n ní kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú Òyìnbó, san mílíọ̀nù 3, kí àwọn 10 yòókù pín èyí tó kù. Àgbà náà wá fi òwe dè é: "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

A mọ ohun tí òwe yẹn ń wí: bí òkété bá darúgbó, tí kò lè jáde nínú ihò mọ́, ọmọ rẹ̀ ní í bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n òkété inú òwe yẹn ṣì wà láàyè, ebi sì ń pa á. Ẹni tí à ń dáwó fún yìí ti kú. Nígbà tó wà láyé, odidi ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin yìí fi ń fi 60,000 náírà ránṣẹ́ lóṣooṣù fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Mo kí bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé ó fi bírò kọ orúkọ ọmọ náà sára páálí oògùn. Ó ní kí òun má baà gbàgbé ẹni tí òun máa súre fún kí òun tó gbé e mì. Ọmú tí òwe ń wí, bàbá ti mu ún.

Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ka owó yẹn kò wo ọrùn kankan. 25,000 pọ́n-ùn ni wọ́n ń san fún ọmọ yìí lọ́dún. Ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó orí lórí 12,570 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá lé, wọ́n ń yọ 20 fún owó orí, wọ́n tún ń yọ 8 mìíràn fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ ìjọba. Nǹkan bí 1,790 ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ lóṣù. Bó bá san owó yàrá, ọkọ̀, iná àti oúnjẹ, 500 ni ó ń kù sí i lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni oògùn bàbá ti ń jáde. Bí a bá ṣẹ́ pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, mílíọ̀nù 3 jẹ́ 1,500 pọ́n-ùn. Owó tó fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi ra màlúù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àṣà wa ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ogún bá délẹ̀, ta ni kì í sọ̀rọ̀ ìdí-igi? Súbérù Dáwódù kú nílùú Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lábẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Ẹjọ́ pínpín ogún rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ní 1958, ó tún dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ibi tó parí sí ni pé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí, ìdí kan fún ìyàwó kan, kì í ṣe mẹ́sàn-án.

Ìyàwó mẹ́ta ni olóògbé tiwa fi sílẹ̀. Bó bá di ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn kan náà yóò ní kí a pín in sí. Kí ló dé tí ìnáwó kò pín sọ́nà mẹ́ta? Mílíọ̀nù 2 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá ọmọbìnrin yìí bí, 500,000 ni yóò san. Bí ìdí kan kò bá lè san tirẹ̀, ẹ yọ màlúù kan kúrò. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bi òkú léèrè iye màlúù tí wọ́n pa fún un.

Àbúrò mi, ìwọ náà kò ṣe dáadáa. O pa fóònù rẹ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fi ohùn ara rẹ sọ iye tó kàn ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí ìdí yín kó o jọ. Bí o bá dákẹ́, ohun tí kò sí ni wọn yóò máa fẹnu sọ nípa rẹ.

Ẹ̀yin àgbà, èwo nínú yín ló ra páálí oògùn kan fún bàbá yìí rí? Mo jókòó tì í nígbà tó ń ka orúkọ, n kò gbọ́ tiyín. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Ẹ kó owó tiyín sórí tábìlì kí ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ nílùú Òyìnbó.