Oníbàárà Tínú Ń Bí Kì Í Rọ̀ Nítorí Ẹ̀rín Lásán

Ó ti sú èèyàn! Gbogbo ìtàn kékeré tí wọ́n ń kọ fún àwọn tó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé àárín, tó bá ti jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà tó le, bákan náà ló ń rí. Oníbàárà wọlé, ó pariwo. Òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó má bínú. Oníbàárà dúpẹ́, ó lọ. Ó parí. Kí ni ẹni tó ń kà á rí kọ́ níbẹ̀?

Ìlànà èdè tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2001 sọ pé ẹni tó wà ní ìpele B1, ìyẹn àwọn tó dé àárín yìí, lè dá ọjà tí kò dára padà, ó sì lè fẹjọ́ sùn. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́, òun sì ni ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn wọ̀nyí ń fò.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́tùlù tó ń jò. Oníbàárà ń béèrè owó rẹ̀, kò sì mú rìsíìtì wá. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, á wá tún ẹjọ́ náà sọ fún un: omi ń jò nídìí rẹ̀ láti àná, àbí? Ibẹ̀ ni ohùn ti ń wálẹ̀, torí oníbàárà ti rí i pé wọ́n gbọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè ọjọ́ tó rà á àti bó ṣe sanwó. Á sọ ohun tó ṣeé ṣe ṣáájú èyí tí kò ṣeé ṣe: òun lè fún un ní òmíràn báyìí, àmọ́ ọ̀gá ló lè fọwọ́ sí dídá owó padà. Oníbàárà á tún bínú. Ẹ kọ ìyẹn náà!

Èyí tó ń dunni jù ni pé nítorí kí Gẹ̀ẹ́sì lè rọrùn, ẹ gé ìbẹ̀bẹ̀ kúrò lẹ́nu òṣìṣẹ́. Ó wá ń pàṣẹ pé kí oníbàárà mú rìsíìtì wá, kó dúró síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Àwọn tó ń sọ ọ́ á sọ àṣẹ di ìbéèrè, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe sí ìrísí ìgbà tó ti kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsinsìnyí ni wọ́n fẹ́ nǹkan náà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò tán, ẹ wá sọ òṣìṣẹ́ di aláfojúdi, ẹ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fara wé e.

Ti ọ̀rọ̀ tuntun ńkọ́? Ìwádìí Hu àti Nation ní 2000 fi hàn pé èèyàn nílò láti mọ nǹkan bí 98% ọ̀rọ̀ inú ìtàn kó tó lè dá a kà lóye. Nínú ìtàn ọ̀rọ̀ 600, méjìlá péré ló kù fún yín, èyí tó bá sì jáde lẹ́ẹ̀mejì, méjì la ó kà á sí. Ẹ wá ń ná wọn sórí ojú tó pọ́n àti imú tó ń fẹ́! Jíjò, rìsíìtì, dídá owó padà, pàṣípààrọ̀, àtúnṣe, ìdánilójú ọjà: àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ ná wọn lé lórí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́nu oníbàárà àti òṣìṣẹ́ kí ìtàn tó parí.