Òṣùwọ̀n abẹ́nú kì í tún gbogbo àṣìṣe ṣe

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń lo ẹ̀rọ jíísíì láti wọn èròjà inú oúnjẹ ló gbà pé bí a bá ti lè bu íntánà sítándáàdì sí àyẹ̀wò, ọkàn wa balẹ̀. Ohun tó bá dànù, ohun tó bá ṣẹ́kù sí ìdí tíúbù, ìṣirò á bá wa dí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n abẹ́nú, bí a ó ṣe máa pe èròjà tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí à ń bù sí àyẹ̀wò yìí, ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí òun àti èròjà tí à ń wá lọ́gbọọgba nìkan ló lè jẹ́rìí sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Láti 2015 tí ilẹ̀ Yúróòpù ti dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí dáíkílófọ́ọ̀sì, kò sí bí ẹni tó ń yẹ oúnjẹ wò ní Àbújá tàbí Kánò ṣe lè yẹra fún oògùn kòkòrò yìí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọ̀tapíápíá. A wọn ẹ̀wà lílọ̀ gíráàmù 5 sínú tíúbù, a da omi mílílítà 10 lé e kó rin, a wá bu òṣùwọ̀n abẹ́nú máíkírólítà 100 sí i, èyí tí máíkírógíráàmù 1 tiráífínáìlì fọ́sífẹ́ètì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la da asẹtonáítíráìlì mílílítà 10 sí i, a gbọ̀n ọ́n dáadáa, a fi iyọ̀ yà á kúrò lára omi, a sì fi sẹntirifúújì yí i.

Ká ní dáíkílófọ́ọ̀sì inú ẹ̀wà náà jẹ́ mílígíráàmù 0.20 nínú kílò kan. Máíkírógíráàmù 1 ló máa wà nínú gíráàmù 5. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká gbà pé ìwọ̀n ṣóńṣó àwọn méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ 50,000. Tí a bá pín ọ̀kan fún èkejì, 1 ni.

Bí abẹ́rẹ́ bá fa máíkírólítà 0.8 dípò 1, méjèèjì á di 40,000. Ìpín ṣì jẹ́ 1, èsì ṣì jẹ́ 0.20. Bí mílílítà 2 bá dànù lẹ́yìn tí a ti yí i tán, bákan náà ni. Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ yẹn ti fìdí múlẹ̀, òótọ́ sì ni.

Wàyí o, ká ní a fi náítírójìn fẹ́ asẹtonáítíráìlì náà gbẹ táútáú kí a lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ pò ó padà. Dáíkílófọ́ọ̀sì tètè máa ń fẹ́ lọ. Tiráífínáìlì fọ́sífẹ́ètì kò mira. Bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dáíkílófọ́ọ̀sì bá bá afẹ́fẹ́ lọ, ìpín di 0.6, a ó sì kọ 0.12 sílẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ṣóńṣó òṣùwọ̀n abẹ́nú á dára gan-an, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ẹ má fẹ́ ẹ gbẹ. Bí agbára bá wà, ẹ lo dáíkílófọ́ọ̀sì tí wọ́n fi dùtéríọ́mù mẹ́fà, ìyẹn háídírójìn tó wúwo, rọ́pò háídírójìn rẹ̀: bí àkọ́kọ́ bá ń fẹ́ lọ, òun náà á máa lọ. Àmọ́ ó gba másì sípẹ́kì, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá èròjà mọ̀, láti yà wọ́n: ìwúwo 109 fún èyí tí à ń wá, 115 fún òṣùwọ̀n.

Àwọn kan máa ń bu òṣùwọ̀n abẹ́nú tiwọn sínú fáyà, ìgò kékeré tí abẹ́rẹ́ ti ń fa nǹkan, ní ìparí. Ẹlẹ́rìí tó dé lẹ́yìn ìjà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbá ẹnì kejì létí. Abẹ́rẹ́ nìkan ni irú èyí lè tún ṣe. Ohun tó sọnù nígbà yíyọ ti sọnù nìyẹn.

Pípẹ́ẹ̀tì tí a fi bù ú ńkọ́? Bí ó bá bu máíkírólítà 90 dípò 100 sínú ẹ̀wà nìkan, 0.20 á di 0.22, kò sì sí ohun tó máa tún ìyẹn ṣe. Nínú ooru oṣù Kẹta ní Àbújá, tí iná tún wá lọ, asẹtonáítíráìlì inú ìgò òṣùwọ̀n tí ìdérí rẹ̀ kò le máa ń dínkù, ohun tó kù á sì ki. Bí ẹ bá fi èyí tó ṣì jẹ́ tuntun ṣe àwọn ìwọ̀n ìpìlẹ̀ tí ẹ ó fi èsì wé, tí ẹ wá fi èyí tó ti ki ṣe àyẹ̀wò, gbogbo èsì á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgò kan náà, ọjọ́ kan náà, pípẹ́ẹ̀tì kan náà ni kí ẹ lò fún méjèèjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ mú ẹ̀wà tí kò ní oògùn nínú, ẹ fi dáíkílófọ́ọ̀sì máíkírógíráàmù 1 sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì ṣe gbogbo rẹ̀ láìfo ìgbésẹ̀ kan. Ìdá 70 sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó padà wá. Bí 60 bá jáde, ẹ ṣe òmíràn láì fẹ́ ẹ gbẹ. Bí ìyẹn bá dára, ẹ ti mú olè.

Síbẹ̀, ohun tí a fọwọ́ bù lé ẹ̀wà kò wọnú hóró rí. Bí ẹ̀wà kò bá kúnná, tí omi kò sì rin ín, òṣùwọ̀n á jáde tán, oògùn á ṣẹ́kù sínú hóró, kódà bí ẹ bá lo oní-dùtéríọ́mù.