Ìbuwọ́lù sítọ́kípà kò sọ pé wọ́n ti gba ọjà yín

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún iléeṣẹ́ ló gbà pé bí sítọ́kípà bá ti buwọ́ lu ìwé ẹrù, ọjà ti tà nìyẹn, kò tún sí àbọ̀ mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ohun tí ìbuwọ́lù yẹn ń jẹ́rìí sí kò ju iye páálí tó dé, ọjọ́ tó dé àti bí ara páálí ṣe rí lọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì wo inú rẹ̀.

Ẹni tí ìwé ìrajà bá bá ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, iye ọjà àti owó ló máa ń kọ́kọ́ wò, torí nọ́ńbà kò nílò ògbufọ̀. Ìpínrọ̀ lórí àyẹ̀wò àti gbígba ọjà, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀, ló máa ń fò. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ni kí ẹ fi ṣàlàyé fún un.

Ká ní ẹ̀rọ ìfami 200 ni wọ́n ní kó kó wá. Ìwé fún olùrà ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó bá yẹ̀ wọ́n wò tó sì gbà wọ́n ni yóò sanwó, ó sì fún olùpèsè ní ọjọ́ 14 láti pààrọ̀ èyí tí wọ́n bá kọ̀. Ẹrù dé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, sítọ́kípà sì buwọ́ lùwé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, 24 ń jò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, olùrà kọ̀wé pé òun gba 176, òun kọ 24, ó sì fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti fọ́tò ibi tó ń jò sí i. Olùpèsè tó ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí ẹrù dé á ti máa retí owó ẹ̀rọ 200 ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Owó 176 ló tọ́ sí i, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin. Ìpààrọ̀ 24 sì gbọ́dọ̀ dé kó tó kọjá ọjọ́ 26 oṣù Kẹta.

Ẹ má bi í bóyá ó yé e. “Bẹ́ẹ̀ ni” ló máa sọ. Ẹ ní kó fúnra rẹ̀ kọ iye ẹ̀rọ tí wọn yóò sanwó rẹ̀, iye tí yóò pààrọ̀ àti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí 40 bá ń jò dípò 24.

Ẹ̀yin olùrà náà, ẹ má sùn lé e lórí o. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìrajà, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá kọjá tí ẹ kò sọ nǹkan kan, ẹ ti gbà á nìyẹn. Àbùkù tí àyẹ̀wò kò lè tètè rí ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: níbi tí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1980 lórí títa ọjà láàárín orílẹ̀-èdè bá ti de ọjà náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó olùtajà létí láìpẹ́ tí ẹ bá rí i, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ sí ọjọ́ tí ọjà tẹ̀ yín lọ́wọ́, àyàfi bí gáráńtì inú ìwé yín bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.